Owó Àbújá àti àká iṣu Màmá: àkọsílẹ̀ ilé kan ní Ìjùmú

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún 2024 ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Kí n tó dé ilé náà, ẹ̀gbọ́n ti bínú títí ohùn rẹ̀ ti há, àbúrò dúró lẹ́bàá ọ̀kadà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gùn ún lọ, ìyá wọn sì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilé ìdáná, kò wí nǹkan kan. Láti Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ẹ̀gbọ́n ti dé láti Àbújá. Lọ́jọ́ Àìkú ó ní iyán ni òun fẹ́ jẹ, ó sì rí i tí ìyàwó àbúrò rẹ̀ mú àpò, tó ń lọ ra iṣu lọ́jà. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó ṣí àká tí bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, kò sì rí ju iṣu mẹ́tàdínlógún lọ lórí igi. Ó ní, “Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi owó ránṣẹ́. Bí ẹ bá ń ra iṣu jẹ nílé àgbẹ̀, ta ló ń jẹ owó mi?”

Ọmọ bàbá kan náà ni èmi àti olóògbé ọkọ Màmá. Mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìlú wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń pè mí ní Akọ̀wé láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé mi ò ní dá ẹjọ́ tí mi ò ka ìwé rẹ̀. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n ṣí àwọn alẹ́ẹ̀tì orí fóònù rẹ̀ fún mi, kí àbúrò mú ìwé tó ń kọ ìnáwó sí wá, kí Màmá kó rìsíìtì ilé-ìwé àti ti ilé oògùn jọ. Ọjọ́ méjì la fi jókòó tì í. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti kà, bí mi ò bá ti dárúkọ wọn.

Kí n tó ka owó, ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe ará Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, mọ bí ìrìn àjò ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ibi tí olú ìlú bá ti wà ni àwọn ọmọ wa ń lọ. Nígbà tí Kábà wà lábẹ́ Ìjọba Àríwá, Kàdúná ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó kàwé nílé-ìwé míṣọ́nnárì lọ ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kó wa sí Ìpínlẹ̀ Kwara lọ́dún 1967, ọ̀nà Ìlọrin là. Lọ́dún 1991, láàárín oṣù mẹ́rin péré, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ìjọba àpapọ̀ sì kó lọ sí Àbújá ní oṣù kejìlá. Láti ìgbà náà, Àbújá ló ń gba àwọn ọmọ wa jù, Èkó ló tẹ̀lé e. Àbújá kò jìnnà, ọjọ́ kan tó láti lọ kéèyàn sì jẹun alẹ́ níbẹ̀, torí náà a kò kà á sí àjò gidi. Àmọ́ nígbà tí àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Kábà sí Ọ̀bàjánà, àwọn tó ń wálé lóṣooṣù di ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ara wọn kò wá mọ́, owó wọn ló ń wá.

Ọmọ mẹ́ta ni Màmá ní. Àkọ́bí ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Kúbwà. Èkejì, obìnrin, ń ta aṣọ ọmọdé ní Agége. Àbíkẹ́yìn ló dúró sílé. Nígbà tí bàbá wọn kú lọ́dún 2016, ẹgbẹ̀jọ ebè iṣu ló wà lóko wọn, ìyẹn igba lọ́nà mẹ́jọ, nítorí igba-igba la fi ń ka ebè. Nígbà náà, iṣu ló ń lọ sí Àbújá. Bí ẹ̀gbọ́n bá wálé, kì í padà láìgbé iṣu ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó kékeré tó ń fi sílẹ̀ àti iṣu tó ń gbé lọ ń bá ara wọn dọ́gba, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹnì kan ní ìbéèrè.

Ọdún kan ṣoṣo ni mo mú kà délẹ̀délẹ̀: láti oṣù kẹsàn-án 2022 dé oṣù kẹjọ 2023, nítorí ìyẹn ni ọdún oko. Ẹ̀gbọ́n sọ pé òun ń fi ₦30,000 ránṣẹ́ lóṣooṣù. Alẹ́ẹ̀tì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ₦45,000 ránṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án, ₦25,000 ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, ₦60,000 nígbà Kérésìmesì. Kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ ní oṣù kìíní, torí oṣù yẹn ni owó ilé rẹ̀ ní Kúbwà ń pé. Ó fi ₦20,000 ránṣẹ́ ní oṣù kejì, ₦25,000 ní oṣù kẹta, ₦40,000 nígbà Àjíǹde, lẹ́yìn náà ₦25,000 lóṣooṣù títí dé oṣù kẹjọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦340,000. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fi ₦80,000 kún un ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ilé yẹn gba ₦420,000 lọ́dún náà. Owó kékeré kọ́ nílùú wa.

Bó ṣe lọ rèé. Oúnjẹ gba ₦126,000. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá gba ₦84,000, ìyẹn ₦7,000 lóṣooṣù láìyẹ̀. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ méjì tí obìnrin ti Èkó kó wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ gba ₦70,000. Ìsìnkú àti ayẹyẹ jẹ ₦62,000, títún ọ̀kadà ṣe jẹ ₦23,500. Àwọn oní-pí-ó-ẹ̀sì gba ₦12,500, ₦4,500 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní oṣù kejì 2023 tí owó tuntun wọ́n bí ojú. Ẹ̀gbọ́n fi ₦20,000 ránṣẹ́, fóònù dún, ṣùgbọ́n kò sí owó tí wọn yóò fi ra oògùn. Nígbà tí wọ́n máa rí ẹni tó ní owó lọ́wọ́, ₦15,500 ló kà fún wọn. Oko gba ₦42,000.

Mo ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó pé. Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀. Mo rí i lójú ẹ̀gbọ́n pé ìyẹn gan-an kò tù ú nínú, nítorí bí olè bá wà, a lè lé e. Ta ni a ó lé nígbà tí oògùn àti ilé-ìwé ló jẹ owó?

Mo wá ní kí wọ́n jẹ́ ká wo oṣù kẹsàn-án dáadáa. Ní ìlú wa, òjò ń fà sẹ́yìn láti ìparí oṣù kẹwàá. Kí ilẹ̀ tó le ni a gbọ́dọ̀ ti kọ ebè, nígbà tí ọkọ́ ṣì ń wọlé. Láti oṣù kọkànlá ni a ó máa gbin iṣu sínú ebè wọ̀nyẹn, a ó fi koríko dé e lórí kí oòrùn má jó o, a ó sì dúró de òjò. Ẹni tí kò bá kọ ebè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ yẹn ti pàdánù ọdún náà fún iṣu tó yá. Oṣù kẹsàn-án kan náà ni ilé-ìwé ń wọlé. Nínú ₦45,000 tó dé, ₦18,000 lọ sí owó ilé-ìwé, ₦16,000 lọ sí aṣọ àti ìwé, ₦7,000 lọ sí oògùn. Ó ku ₦4,000, wọ́n sì fi jẹun. Ní oṣù kẹwàá, nínú ₦25,000, lẹ́yìn oògùn àti oúnjẹ, ₦8,000 ló ṣẹ́kù fún oko. Alágbàṣe ń gba ₦40 lórí ebè kan lọ́dún yẹn. Igba ebè kan ṣoṣo ni wọ́n rí kọ. Nínú ẹgbẹ̀jọ bàbá wọn, igba ló kù.

Ẹgbèje ebè tí wọn kò kọ, lójú ₦40, ₦56,000 ni ì bá jẹ. Mo yí fóònù náà sí ẹ̀gbọ́n, mo ní kó ka ohun tó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejìlá. Ó kà á jáde: ₦60,000.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Owó tí ì bá kún àká náà dé, àmọ́ ó dé nígbà tí ilẹ̀ ti le bí òkúta. Kí ni èèyàn ń fi ₦60,000 ṣe nílé ní oṣù kejìlá? Aṣọ ẹbí wà, ìrántí olóògbé wà, ìdílé méjì ń sìnkú, àwọn àlejò sì ń wọlé láti Èkó. Owó yẹn kò ṣòfò, ó ṣe ohun tí oṣù kejìlá ń fẹ́. Nígbà tó sì di oṣù kìíní, tó yẹ kí wọ́n ra èbù láti fi kún ti ilé, onílé Kúbwà ti gba ti oṣù náà. Ẹni tó ń gbowó ní Àbújá, kàlẹ́ńdà onílé àti ti ọlọ́jà ọdún ló ń tẹ̀ lé. Ilẹ̀ Ìjùmú kò mọ kàlẹ́ńdà yẹn.

Lọ́dún 1985, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Robert Lucas àti Oded Stark, tẹ ìwádìí kan jáde nípa owó tí àwọn tó jáde nílé ń fi ránṣẹ́ ní Bòtìswánà. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà ọ̀dá, ilé tó ní màlúù tó lè kú ń rí owó gbà ju ilé tí kò ní lọ, bí ẹni pé owó náà ń dáàbò bo dúkìá ilé. Mo máa ń rò ó nígbà gbogbo pé kí ló dé tí ti wa kò fi rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé màlúù tó ń kú hàn sí gbogbo èèyàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń yára dé ìlú ńlá. Nígbà tí mo ka àwọn ìpè tó wà lórí fóònù àbúrò, àìsàn pe Àbújá, ilé-ìwé pe Àbújá, ìsìnkú pe Àbújá, òrùlé tó ń jò pe Àbújá. Ebè kò pe ẹnì kankan rí. Mo bi àbúrò pé kí ló dé tí kò fi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án pé owó agbàṣe kò sí. Ó ní, “Bàbá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé-ìwé ni. Ojú tì mí. Bí mo bá tún tọrọ owó oko, á ní kí ni èmi fi ọwọ́ mi ṣe.”

Ìbéèrè yẹn tọ́ sí ìdáhùn tòótọ́, nítorí òun ló wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé, tí apá rẹ̀ pé, kí ló dé tí kò kọ ebè fúnra rẹ̀?

Nígbà ayé bàbá wọn, kò sí ilé tó ń dá kọ ebè. Àáró ló wà. Ọkùnrin mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá á para pọ̀, wọ́n á lọ sí oko tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Owó kì í wọ̀ ọ́. Ohun tí à ń san ni ọjọ́ iṣẹ́: ẹni tó bá wá sóko rẹ, o jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kan. Nínú ẹgbẹ́ àáró àbúrò, àwọn mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2020, àwọn mẹ́ta ló kù nílùú. Àáró ẹni mẹ́ta kì í ṣe àáró mọ́, torí oko kan tí ẹni mẹ́sàn-án ń tètè kọ tán ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Àwọn tó jáde lọ náà ń fi owó ránṣẹ́ sílé wọn, àwọn ilé wọ̀nyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó náà pe àwọn alágbàṣe Ẹ̀bìrà àti Tífù. Bí ilé kan bá ti lè sanwó, kò tún fẹ́ jẹ gbèsè ọjọ́ iṣẹ́. Báyìí ni owó tó wá dípò ọmọ kan ṣe tú ẹgbẹ́ tí ọmọ mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé. Ilé tí owó rẹ̀ kò tó alágbàṣe ni ó dùn jù, torí kò ní àáró, kò sì ní owó.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà dé. Lọ́dún 2021 Màmá dákú nílé, kò sí ohun tí wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Obìnrin ti Èkó fi ọkàn rere ra ọ̀kadà ránṣẹ́, kí ìyá má bàa kú nítorí ọkọ̀. Àmọ́ ọ̀kadà kì í jókòó sílé. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò lọ sí Kábà ní ọjọ́ ọjà, ó sì rí i pé owó ń wọlé lójoojúmọ́, nígbà tí iṣu ń gba oṣù mẹ́jọ. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Òun náà ní ìyàwó àti ọmọ, kò sì sí ẹni tó ń san owó oṣù fún un pé ó dúró ti ìyá. Ọkàn mi bàjẹ́ nígbà tí mo ka ìwé rẹ̀. Ó gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn ní ìgbà mọ́kànlá lọ́dún kan, ó dúró fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi ìsìnkú mẹ́fà, ó ń gbé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sílé-ìwé láràárọ̀. Kò kọ owó kankan sí iwájú èyíkéyìí nínú wọn. Bí a bá fẹ́ ka owó Àbújá, ó yẹ ká ka èyí náà.

Oko tó kù, ẹ̀gẹ́ ló gbà á. Ẹ̀gẹ́ kò le bí iṣu. Kò béèrè ebè ńlá, a lè gbìn ín nígbàkúùgbà tí òjò bá ń rọ̀, ó sì lè dúró nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ títí ẹni tó ń wa ọ̀kadà yóò fi ráyè. Ìdí nìyẹn tí ₦34,000 nínú ₦42,000 ti oko fi lọ sí ríro ẹ̀gẹ́ ní oṣù kẹfà àti ìkeje. Àmọ́ iṣu tí ọkùnrin ń kọ ebè rẹ̀ ti di ẹ̀gẹ́ tí obìnrin ń bó, tó ń rin, tó ń fún, tó ń yan. Ìyàwó àbúrò nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìjà náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Màmá ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ní ilé àgbẹ̀ lọ́dọ̀ wa, bàbá ló ń kó iṣu wọ àká, àmọ́ nígbà tí bàbá ti kú, Màmá ló di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Òun ló ń sọ pé èyí ni a ó jẹ, èyí ni a ó gbìn, èyí ni ti àna, èyí ni ti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá ní iyọ̀, ó mú iṣu mẹ́ta lọ sọ́jà. Àwọn ìyàwó ilé ń bọ̀wọ̀ fún un torí pé ọwọ́ rẹ̀ ni oúnjẹ ti ń jáde. Màmá kò ní àkáǹtì báńkì. Àkáǹtì àbúrò ni owó ń bá wọlé, fóònù àbúrò ló ń dún. Bí àká ṣe ń ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ ń kúrò nídìí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sídìí fóònù. Ìyá tó ń pín oúnjẹ fún gbogbo ilé di ẹni tó ń dúró kí ọmọ rẹ̀ kékeré ti ibi iṣẹ́ ọ̀kadà dé.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde, ó sọ fún mi pé: “Akọ̀wé, ọmọ mi ló ń fi owó náà ránṣẹ́ sí mi, àmọ́ ọwọ́ ọmọ mi ni mo tún ti ń tọrọ rẹ̀. Kò fi dù mí rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ra iyọ̀, mo ní láti sọ ohun tí mo fẹ́ fi iyọ̀ ṣe.”

Nígbà tí a tún jókòó, mi ò sọ pé kí wọ́n fi kún owó. Ẹ̀gbọ́n kò ní èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tí ọjà ti di láti àárín ọdún 2023 ń jẹ òun náà ní Kúbwà. Ohun mẹ́ta la fi ẹnu kò sí. Àkọ́kọ́, ₦60,000 ti Kérésìmesì yóò máa wá ní ìparí oṣù kẹjọ, fún ebè nìkan, kí oṣù kejìlá sì máa bá a lọ bí ó bá ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìkejì, obìnrin ti Èkó yóò máa san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ tààrà sínú àkáǹtì ilé-ìwé, kí oṣù kẹsàn-án lè mí. Ìkẹta, Màmá yóò ní àkáǹtì tirẹ̀.

Ìkẹta yìí ló nira jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a lọ sí Kábà. Ọdún tí Màmá ti fi ń di ọkọ́ àti omorogùn mú ti pa ìlà àtàǹpàkò rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan kà, ìka kejì ọwọ́ òsì ló gbà nígbẹ̀yìn. A ra fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì fún un. Màmá kò mọ̀wé kà, torí náà ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ló ń ka alẹ́ẹ̀tì fún un. Láàárín oṣù kan, mo rí i pé ọmọ náà ti mọ nọ́ńbà àṣírí káàdì, ó sì ti ń bá ìyá rẹ̀ ní Èkó sọ̀rọ̀ nípa iye tó wà nínú àkáǹtì. Àṣẹ ti tún fẹ́ yí sọ́dọ̀ ọmọ kékeré. A yí nọ́ńbà náà padà, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ Màmá bí yóò ṣe máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà mẹ́rin. Ipò tí bọ́tìnì wà ló fi ń mọ̀ ọ́n, bí a ṣe ń mọ ihò ayò.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 2024, ₦60,000 wọlé. Owó agbàṣe ti di ₦75 lórí ebè kan. Ẹgbẹ̀rin ebè ni a rí kọ, Màmá sì ni ó sanwó fún àwọn alágbàṣe fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó ti ka ebè wọn ní igba-igba. Ìdajì ti bàbá wọn nìyẹn. Àmọ́ ilé tí kò gbin iṣu púpọ̀ fún ọdún mélòó kan kò ní èbù tó pọ̀ mọ́. Ọ̀ọ́dúnrún ló wà nílé, a sì fi owó tí obìnrin ti Èkó fi ránṣẹ́ ra igba àti àádọ́ta. Igba àti àádọ́ta ebè ṣófo, ẹ̀gẹ́ ni a kì sínú wọn nígbà tí òjò dé. Ní oṣù kìíní 2025, onílé Kúbwà fi kún owó ilé, ẹ̀gbọ́n kò sì fi nǹkan kan ránṣẹ́ fún oṣù méjì. Màmá ta adìyẹ láti fi ra oògùn. Àbúrò ṣì ń wa ọ̀kadà. Àáró kò padà wá, mi ò sì rò pé yóò padà.

Ní oṣù kẹjọ 2025, a wú àwọn tó kọ́kọ́ dàgbà lára iṣu náà. Màmá wọ àká lọ, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a ń gbọ́ bó ṣe ń kà. Ó yan ogún sọ́tọ̀ fún Kúbwà. Àbúrò di wọ́n sẹ́yìn ọ̀kadà nínú àpò méjì, ó gbé wọn lọ sí gáréèjì ní Kábà, Àbújá ni wọn yóò ti san owó ẹrù fún awakọ̀. Màmá ní kí n tẹ ẹ̀gbọ́n láago fún òun. Nígbà tó gbé e, ó sọ fún un pé kó lọ dúró ní gáréèjì kí alẹ́ tó lẹ́, kó sì ka iṣu náà dáadáa, ogún ni.